Kí Ọ̀rọ̀ Le, Kí Ìlú Má Gbóná

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ọjà Àpòmù ni ìpàdé ọ̀nà. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ wá síbẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú ń gòkè bọ̀, Ifẹ̀ àti Òwu sì wà nítòsí. Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, ó kọ ọ́ pé ara ohun tó fa ogun Òwu ni iyàn tó bẹ́ sílẹ̀ lórí iye ataare tí wọ́n tà nínú ọjà yìí. Ataare ṣeé kà. Ẹni méjì lè tú u sórí ẹní kí wọ́n sì kà á lójú ẹlẹ́rìí. Ṣùgbọ́n iyàn náà kò dúró sọ́wọ́ ẹni tó tà àti ẹni tó rà. Ó di Òwu àti Ìjẹ̀bú. Ọ̀rọ̀ mìíràn ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, pàápàá ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń jí gbé ní Àpòmù àti ìjà Òwu pẹ̀lú Ifẹ̀ lórí àwọn ìlú agbègbè náà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ pàdé pọ̀, Òwu tú, ọ̀pọ̀ ọmọ rẹ̀ sì rìn títí wọ́n fi dé Abẹ́òkúta.

Ohun kan ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí mú nínú ìtàn náà: ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí ataare tó bọ́ sórí ìlú. Ẹni tó bá fẹ́ tún ọ̀rọ̀ òṣèlú tó gbóná kọ, ibẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Ọ̀pọ̀ ló rò pé àtúnkọ ni kí a bu omi sí ọ̀rọ̀ títí kò fi ní ta ẹnikẹ́ni mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú ọ̀rọ̀ le ni ìṣe tí a dárúkọ, ipò ẹni tó ṣe é, àti ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ń gbé ìjà dé ojúlé ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni èébú, ìhàlẹ̀, èpè àti ẹ̀sùn tí a kà sí gbogbo agbo lọ́rùn. A lè yọ ìwọ̀nyí kúrò pátápátá, kí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ sì tún lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìkirè

Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2022, wọ́n dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, nígbà tí ẹgbẹ́ APC ṣì ń ṣèjọba. Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ fagi lé ìdìbò náà nínú oṣù tó tẹ̀ lé e, Gómìnà Ademola Adeleke ti ẹgbẹ́ PDP sì gorí àlééfà ní ọjọ́ 27, oṣù kọkànlá. Ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn gbé ìdájọ́ kan kalẹ̀. Ẹgbẹ́ APC ní ìdájọ́ náà dá àwọn alága wọn padà sípò. Ẹgbẹ́ PDP ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìdájọ́ mìíràn tó fagi lé ìdìbò náà ṣì dúró.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kejì yẹn kan náà, tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, àwọn tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń tì lẹ́yìn kọlu ara wọn ní àwọn ọ́fíìsì káńsù káàkiri ìpínlẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò. Lára àwọn tó kú ni alága tí ẹgbẹ́ APC ní òun ni alága káńsù Irewọlé, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Ìkirè. Ìdìbò tuntun wáyé ní ọjọ́ 22, oṣù kejì, wọ́n sì búra fún àwọn tó wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, owó tó ń wá láti Àbújá fún àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà ní Ọ̀ṣun dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù sì jókòó sílé fún ọ̀pọ̀ oṣù gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ṣe ní kí wọ́n ṣe.

Irú àsìkò báyìí ni ọwọ́ máa ń yá láti kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Wọ́n kọ ọ́ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí ni, ṣùgbọ́n kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí etí ará Ọ̀ṣun kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ká ní ẹni tó gbà pé àwọn alága ọjọ́ 22 ló lẹ́tọ̀ọ́ sí owó káńsù ló kọ ọ́ láàárín ọdún 2025:

«Ẹ̀yin olè tí ẹ gbé owó káńsù wa mì, ẹ̀jẹ̀ tó sàn ní Ìkirè wà lọ́rùn gbogbo yín. Àwọn aboyún ń kú nílé ìwòsàn nítorí yín. Kò sí ojúlówó ọmọ Ìkirè tó lè wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ máa bá a lọ, a mọ ilé yín. Ẹ ò ní fọwọ́ rere jẹ ẹ́, ẹ̀yin àti ọmọ yín.»

Ìbínú tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe irọ́. Owó kò wọlé, ènìyàn sì kú. Àmọ́ bí Olùṣírò Owó Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀ bá ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè dé ilẹ̀, kò ní rí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí òun ṣe. Bí aládùúgbò tó ní káàdì ẹgbẹ́ kejì lọ́wọ́ bá kà á, yóò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan àti iṣẹ́ tó ń ṣe

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ nínú àtúnkọ ni kí a mú pẹ́ńsù, kí a bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè pé kí ló wá ṣe. Ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń sọ ni? Ṣé èrò ẹni tó kọ ọ́ ni? Ṣé ó ń béèrè nǹkan ni? Àbí ó kàn ń tú inú sílẹ̀? Nínú àpẹẹrẹ yìí, nǹkan bí ìdajì gbólóhùn kan ló ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Kò sí èyí tó ń béèrè nǹkan. Ìyókù ń tú inú sílẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ lè máa rò pé òun ti sọ òkò ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ṣófo.

«Olè» ló kọ́kọ́ dé. Ẹ̀sùn ọ̀daràn ni, ẹni tó bá fi kàn ènìyàn gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tí onítọ̀hún jí, ìgbà tó jí i àti ẹlẹ́rìí. Nínú ọ̀rọ̀ owó káńsù Ọ̀ṣun, ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni pé wọ́n dá owó náà dúró, wọn kò fún àwọn alága ọjọ́ 22. Dídá owó dúró lè jẹ́ ìwà àìtọ́ tó burú jáì, àmọ́ ìwà mìíràn ni, ó ní ẹni tó ṣe é, ó sì ní ibi tí wọ́n ti lè pè é lẹ́jọ́. Bí a bá pè é ní olè, ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn yóò dáhùn ẹ̀sùn tó rọrùn fún un. Yóò ní òun kò jí kọ́bọ̀, yóò sì ṣe bẹ́ẹ̀ jáde láìdáhùn ìbéèrè tó le, ìyẹn òfin tí ó fi dá owó dúró.

Ọ̀rọ̀ aboyún ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó kọ ọ́ lè ti gbọ́ ọ ní ọjà tàbí nínú mọ́tò. Bí kò bá rí ẹni tó kú, tí kò mọ ilé ìwòsàn tó ti kú, tí kò sì bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọ́dọ̀ kọ ọ́ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn lórí ẹ̀rọ ayélujára, èyí tí wọ́n ṣe ní 2015 tí wọ́n sì tún ṣe ní 2024, sọ nínú abala 24 rẹ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ kan, kó sì fi ránṣẹ́ láti da ìlú rú tàbí láti wu ẹ̀mí ènìyàn léwu. Àmọ́ òfin nìkan kọ́ ló yẹ kó dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bí wọ́n bá já ohun kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní koro, wọn yóò fi ìyẹn da gbogbo ìyókù nù. Ohun tó lè kọ láìbẹ̀rù ni ohun tó fojú ara rẹ̀ rí: pé ó dé ilé ìwòsàn káńsù ní àdúgbò rẹ̀, ó sì bá a ní títì.

Ibi tó léwu jù ni «gbogbo yín» àti «ojúlówó ọmọ Ìkirè». Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí iye tí a lè kà, tó di ti agbo. Ẹni tó dá owó dúró wà ní Àbújá. Ẹni tó pa ènìyàn ní ọjọ́ 17 ní orúkọ àti ojú, ọlọ́pàá sì lè wá a rí. Ṣùgbọ́n «gbogbo yín» jẹ́ alásè ẹ̀bá, telọ̀, ọmọ iléèwé gíga àti bàbá àgbà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ kan láti ayé UPN. Àwọn yìí kò ní àṣẹ lórí owó kankan, ilé wọn ló sì sún mọ́ jù. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ̀san kò lè dé Àbújá, àmọ́ ó lè dé òpópónà kejì. Nítorí náà, níbikíbi tí «gbogbo» tàbí «wọ́n» bá ti jáde nínú ọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń tún un kọ béèrè pé ta ni pàtó, ipò wo ló wà, kí ló sì ṣe. Bí ìdáhùn kò bá sí, kí gbólóhùn náà kúrò.

Àwọn kan á ní àwọn kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, àwọn kàn pa òwe ajá àti fèrè ọdẹ ni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo ènìyàn ló mọ ẹni tí òwe ń bá wí. Òwe tí a bá so mọ́ «a mọ ilé yín» ti di ìhàlẹ̀. Abala 92 nínú Òfin Ètò Ìdìbò ọdún 2022 kò fi èébú tààrà nìkan mọ níbẹ̀ nígbà tó ń ka ohun tí kò gbọ́dọ̀ wọ ìpolongo òṣèlú. Ó tún ka àbọ̀sọ àti ẹ̀dà ọ̀rọ̀ tó lè mú kí ènìyàn gbaná jẹ. Ti èpè tún yàtọ̀: ọmọ tí wọ́n ṣẹ́ èpè fún kò sí nínú ìjọba rárá, òbí tó sì gbọ́ èpè lórí ọmọ rẹ̀ kò ní rántí ọ̀rọ̀ owó mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́yìn àtúnkọ

Nígbà tí a bá ti yọ gbogbo ìyẹn kúrò, ohun tó kù kéré, ó sì ṣeé kọ́lé lé. Ẹni tó ń kọ̀wé yóò wá fi ọjọ́, ilé iṣẹ́ àti ìbéèrè kún un:

«Sí ọ̀gá wa, Olùṣírò Owó Àgbà fún Ìjọba Àpapọ̀. Láti ìgbà wàhálà oṣù kejì ọdún 2025, owó tó tọ́ sí káńsù Irewọlé kò tẹ káńsù lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11, oṣù keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní tààrà ni kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí ará ìlú dìbò yàn. Èrò tèmi ni pé àwọn tí a dìbò yàn ní ọjọ́ 22, oṣù kejì ló ni ẹ̀tọ́ sí i, pé dídá a dúró kò bá òfin mu, àti pé ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà. Mo dé ilé ìwòsàn káńsù ní àdúgbò wa, títì ni mo bá a. Ohun méjì ni mo ń béèrè: ẹ sọ iye owó Irewọlé tó wà lọ́wọ́ yín, kí ẹ sì sọ òfin tí ẹ fi dá a dúró. Àwọn tó pa ènìyàn ní ọjọ́ 17, ẹgbẹ́ yòówù kí wọ́n wà, kí ọlọ́pàá mú wọn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn aládùúgbò wa tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì kọ́ ló dá owó dúró, ilé ìwòsàn kan náà ni àwa àti àwọn jọ ń lò.»

Ọ̀rọ̀ yìí kò rọ̀. «Kò bá òfin mu» àti «ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà» le ju «olè» lọ, nítorí ẹni tí a kọ ọ́ sí kò lè fi èébú dáhùn kó sì lọ. Ọ̀wọ̀ tó wà nínú rẹ̀ kò ná òǹkọ̀wé ní nǹkan kan: ó lo «ẹ», ó pe onípò ní ipò rẹ̀, ó sì ya èrò tirẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó dájú. Gbólóhùn tó kẹ́yìn ṣe iṣẹ́ tó tóbi jù. Ó mú ojú ìjà kúrò lẹ́nu ọ̀nà aládùúgbò, ó sì gbé e lọ síbi tí àṣẹ wà.

Bí ọ̀nà yìí bá dára, ó yẹ kó ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wà ní òdìkejì. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ẹni tó gbà pé àwọn alága ọdún 2022 ló lẹ́tọ̀ọ́ lè kọ ọ́ báyìí:

«Gómìnà wa, Ilé Ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ ní ọjọ́ 10, oṣù kejì, ọdún 2025. Bí mo ṣe yé e sí, ìdájọ́ náà dá àwọn alága tí a dìbò yàn ní 2022 padà sípò. Kò yẹ kí ìdìbò mìíràn wáyé lẹ́yìn ọjọ́ 12 péré. Ẹ sọ fún ará ìlú ìdájọ́ tí ẹ gùn lé láti ṣe é. Ẹni tó kú ní Ìkirè lọ́jọ́ 17 jẹ́ ọmọ ìlú wa. Kí ìwádìí ikú rẹ̀ má ṣe parí sí ọ̀rọ̀ ẹnu.»

Àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun kan, kò sì sí èyí tó fà sẹ́yìn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ka ìwé méjèèjì nínú ilé kan náà ní Àpòmù, iyàn tó máa bẹ́ sílẹ̀ yóò dá lórí ìdájọ́ àti ọjọ́, èyí tí wọ́n lè ṣí ìwé wò. Àǹfààní mìíràn fara hàn nígbà tó yá. Nínú oṣù kejìlá ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ lé ẹjọ́ tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pè lórí owó náà jáde, nítorí pé agbẹjọ́rò àgbà Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò ní ẹ̀tọ́ láti pè é ní orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ilé ẹjọ́ náà tún wí pé dídá owó dúró kò tọ̀nà. Ẹni tó kọ ìwé pẹ̀lú ọjọ́ àti ìdájọ́ lè fi èyí kún tirẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì máa bá a lọ. Ẹni tó ṣẹ́ èpè kò rí ibi tó máa fi kún.

Ibi tí àtúnkọ ti ń bàjẹ́

Àtúnkọ lè bàjẹ́ sí ọ̀nà kejì. Ẹni tí wọ́n ti bá wí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbóná jù lè padà wá pẹ̀lú irú èyí: «Ó ṣeni láàánú pé àwọn nǹkan kan wáyé ní agbègbè wa tí kò tẹ́ àwọn kan lọ́rùn. A rọ gbogbo ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn láti fọwọ́ wọ́nú.» Kò sí èébú níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀. Ta ló ṣe kí ni? Ta ni ọ̀rọ̀ kàn? Ènìyàn kú, owó dúró, gbogbo rẹ̀ wá di «àwọn nǹkan kan». Irú ìwé yìí tún ń bí àwọn tí ìyà jẹ nínú ju èébú lọ, nítorí wọ́n rí i pé wọ́n ti fi ìyà wọn pamọ́.

Ọ̀nà kan wà láti fi mọ̀ bóyá ó ti rọ̀ jù tàbí ó ṣì gbóná jù. Kí òǹkọ̀wé fún ẹnì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ kejì, tó sì bọ̀wọ̀ fún, ní ìwé náà kó kà á sókè. Kó gba ìwé náà padà, kó wá ní kí onítọ̀hún sọ ohun tí wọ́n ń béèrè àti ẹni tí wọ́n ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá sọ ọ́ láìṣìnà, tí kò sì gbà pẹ̀lú rẹ̀, ìwé náà ti pé. Bó bá jẹ́ pé bí wọ́n ṣe bú u ló kọ́kọ́ sọ, ó kù. Bó bá ní òun kò rí ohun tí wọ́n ń béèrè, ó ti rọ̀ jù.

Kì í ṣe ìbínú onípò ló yẹ kí a fi díwọ̀n. Ní 1964, Hubert Ogunde ṣe eré «Yorùbá Ronú» nígbà tí ìjà òṣèlú ń lọ lọ́wọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Inú bí ìjọba Olóyè Samuel Ladoke Akintola, wọ́n sì fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré Ogunde ní gbogbo ẹkùn náà. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ológun gbàjọba, ni gómìnà ológun ẹkùn náà, Fajuyi, tó mú òfin náà kúrò. Bí a bá tún ọ̀rọ̀ kọ títí alágbára kò fi ní bínú mọ́, kò ní ku nǹkan kan. Ẹni tí a ń dáàbò bò nínú àtúnkọ ni ẹni tí kò ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà.

Àkókò náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 17, oṣù kejì, àtúnkọ tó dára jù kò bá ṣe nǹkan kan ní Ìkirè. Nígbà tí òkú ṣì wà nílẹ̀, ìròyìn tó jẹ́ òótọ́ pàápàá, bó bá sọ ibi tí àwọn kan pàgọ́ sí tàbí òpópónà tí ẹni tí wọ́n fura sí ń gbé, lè tún pa ẹlòmíràn. Ohun tó yẹ ní irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ ni kí òǹkọ̀wé kọ ohun tó rí sílẹ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, kó sì tọ́jú rẹ̀ fún ìwádìí ọlọ́pàá. Ìwé tó fẹ́ fi tó gbogbo ènìyàn létí lè dúró.

Ìbéèrè méjì tó wà nínú ìwé tí a tún kọ sí Olùṣírò Owó Àgbà tún ní ohun tí èébú kò ní: òfin wà lẹ́yìn wọn. Lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn tí wọ́n ṣe ní 2011, ará ìlú kò ní láti sọ ìdí tó fi ń béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni ilé iṣẹ́ náà ní láti dáhùn, ó sì lè fi ọjọ́ méje kún un bí àkọsílẹ̀ náà bá pọ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹrin, ọdún 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé òfin yìí de ìjọba ìpínlẹ̀ náà, nítorí náà ẹni tó kọ̀wé sí Gómìnà lè gùn lé e bákan náà. Kí àwọn méjèèjì tẹ ẹ̀dà méjì, kí wọ́n gba òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí ẹ̀dà kejì ní ọ́fíìsì tí wọ́n bá fi í sí. Bí èsì kò bá dé nígbà tí àkókò bá pé, òfin kà á sí pé wọ́n kọ̀, ẹni tó béèrè sì ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti gbé ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ náà lọ síwájú adájọ́.